Ilé Kan, Ènìyàn Mẹ́rìnlá

Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, mo fi páálí kan kọ́ sí ẹnu géètì ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ohun tí mo kọ sí i kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Fúláàtì oníyàrá méjì wà." Kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ènìyàn mẹ́rìnlá ti wá béèrè. Àwọn kan wá fúnra wọn, éjẹ́ǹtì mú àwọn kan wá, àwọn mìíràn gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkòríta. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa kò ní ṣe háà. Ojú títì márosẹ̀ tó lọ láti Àpápá sí Òṣòdì kò jìnnà sí wa, Ìtirẹ àti Láwánsọ̀n wà nítòsí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Súrùlérè tàbí Yábàá kò sì ní láti jí ní aago mẹ́rin òru kó tó dé ẹnu iṣẹ́.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní fúláàtì mẹ́rin, àti ilé kékeré kan lẹ́yìnkùlé tó ní rúùmù àti pálọ̀ méjì. Láti ìgbà tí bàbá ti papò dà, ìyá mi ni ìyá onílé, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé ìpè, tí mò ń kọ rísíìtì, tí mò ń bá oníṣẹ́ omi jà. Èmi náà ni mo sì máa ń dá àwọn ènìyàn lóhùn nígbà tí ilé kò bá kàn wọ́n. Apá yìí ni mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ pé rárá. A kì í sọ ọ́. A ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó." A ó ní, "Kò burú, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa." Láàárín ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ilé kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá ti ń retí ni yóò gbọ́.

Ní ọdún 2022, aránṣọ kan wá béèrè ọ̀kan nínú rúùmù àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Onílé tirẹ̀ fẹ́ wó ilé láti tún un kọ́, ó sì ti fún un ní ìwé pé kí ó kó jáde. Oṣù mẹ́ta ló kù fún un. Obìnrin náà mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ọmọ méjì ló ní. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a fi ilé náà fún ẹlòmíràn. Ojú tì mí láti pe aránṣọ náà. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá pè é. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di oṣù kan.

Ní ọ̀sẹ̀ keje ó wá fúnra rẹ̀. Ìyá mi ní kó jókòó, ó ní òun yóò dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ilé ti lọ tipẹ́, kò pariwo. Ó kàn wí pé, "Ìyá, wọ́n fi yàrá kan lọ̀ mí ní Ìtirẹ lóṣù tó kọjá. Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn nítorí mo ti ní tiyín lọ́kàn. Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé kò sí ni." Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ sùn fún ju oṣù mẹ́rin lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn bi mí pé ìpè kan, eélòó ni?

Nítorí náà, kí páálí ti ọdún 2025 tó dé ẹnu géètì, èmi àti ìyá mi jókòó pẹ̀lú ìwé ìléwọ́ kan, a kọ irú ayálégbé tí ilé náà lè gbà sínú rẹ̀ kí a tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a kò tíì rí ojú ẹnikẹ́ni nìkan ni èyí ṣeé ṣe dáadáa. Bí a bá ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ohun tí a ń wá yóò yí padà. Ohun mẹ́ta la kọ. Àkọ́kọ́ ni iye ènìyàn: ẹ̀rọ omi kan àti táǹkì méjì ni ìdílé mẹ́fà ń lò, a sì mọ̀ láti ọdún tó kọjá pé bí fúláàtì kan bá ti ju ènìyàn márùn-ún lọ, àwọn tó wà lókè kò ní rí omi ní àárọ̀. Èkejì ni kí ó lè san owó ọdún kan, ₦1,000,000, láìyá a lówó èlé. Ẹ̀kẹta ni kí ó jẹ́ kí a wá kí òun níbi tó ń gbé lọ́wọ́, kí a rí bí ó ṣe ń lo ilé.

Ìyá mi fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin: kí ó jẹ́ ẹni tó ti gbéyàwó tàbí tó ti wà nílé ọkọ. Ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó ló ní òfin yẹn, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin tó ti wá ilé rí ló mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé nínú àwọn tó jẹ wá lówó rẹ́ǹtì rí, mélòó ni kò lọ́kọ? Ó ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fa igi sí i.

Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń dé, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ilé tán, mo ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un. Mo ń sọ iye ènìyàn tó ti wá ṣáájú rẹ̀. Mo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15 oṣù kejì, la ó pinnu, àti pé bí ó bá di alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 19, yóò ti gbọ́ èsì, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Mo sì ní a kò gba owó kankan títí di ìgbà náà: kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù, kì í ṣe owó "ẹ bá mi dì í mú." Éjẹ́ǹtì kan bínú sí mi lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti wá ilé l'Ékòó mọ ibi tí owó dì-í-mú máa ń já sí. Bí ẹnì kan bá gba owó dì-í-mú lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún lórí ilé kan, mẹ́rin nínú wọn ni yóò máa sá tẹ̀lé e kiri, nígbà mìíràn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Onílé mìíràn kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti lu jìbìtì. Ó ti ná an sórí òrùlé kó tó rántí pé owó ọlọ́wọ́ ni.

Ọkùnrin kan wá ní ọjọ́ kẹfà, ó ní òun kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni tò sórí ìlà. Ó ní òun yóò san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi báàgì tó gbé dání hàn mí. Mi ò purọ́, ojú mi lọ sára báàgì náà. Ṣùgbọ́n Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nínú òfin náà ni pé ẹni tó san án pẹ̀lú ẹni tó gbà á ló jọ dẹ́ṣẹ̀: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀. Òfin náà kò kan Ìkòyí, Erékùṣù Fìkitóríà, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó kan Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ta ni yóò sọ fún wọn?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ó kọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí mo ti ṣèlérí èsì fún gbogbo ẹni tó bá wo ilé.

Ní ọjọ́ 15 a yan ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ kan. A ní kí ó san owó kí ó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Ìkejì lórí ìwé wa ni nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ máa gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ọkàn mi fẹ́ kí n kọ èsì sí àwọn mẹ́tàlá yòókù lóru ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kí n sinmi. Mo dúpẹ́ pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oníṣẹ́ iná fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí Wásáàpù mi, tó fi hàn pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wo àkáǹtì ìyá mi ní báńkì, kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo dúró wákàtí mẹ́rin, mo tún wò ó, kò sí. Ẹnikẹ́ni lè fi fóònù ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń ké gbọ̀ngbọ̀n náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Iye tó wà nínú àkáǹtì nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé owó wọlé. Nígbà tí mo pè é, ó jẹ́wọ́ pé ìlàjì owó ló wà lọ́wọ́ òun, pé ẹnì kan ló ṣèlérí ìyókù. Mi ò gbà pé olè ni. Mo rò pé ẹni tí ojú ń pọ́n ni. Àánú ṣe ìyá mi, ó ń wò mí. Mo ní, "Bùrọ̀dá, aago mẹ́fà ti kọjá. A ò lè dì í mú mọ́. Ẹ má bínú." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì pe nọ́ọ̀sì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú owó nọ́ọ̀sì wọlé, a rí i nínú àkáǹtì. Mo kọ rísíìtì fún un bí òfin ṣe là á sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà kó mọ́ra. A fọwọ́ sí agírímẹ́ǹtì. Ìgbà yìí ni mo tó mú fóònù láti dá àwọn méjìlá yòókù lóhùn. Bí mo bá ti kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pé kò sí, ojú wo ni n bá fi pè é padà? Ó sì lè ti sanwó níbòmíràn.

Ọ̀nà tí mo gbà kọ ọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ rí, nítorí ó gbà mí ní wákàtí méjì. Èyí tí ìyá mi kọ́kọ́ pè fún mi láti kọ gùn bí ìwàásù: ẹ má bínú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ló ṣàdédé fẹ́ wọlé. Mo ní, "Mọ̀mí, bí nọ́ọ̀sì bá kó dé, tí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì bí ó ṣe jẹ́ mọ̀lẹ́bí wa ńkọ́?" Èyí tí a wá fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọmọ ìyá onílé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. A kò ní lè fún yín ní fúláàtì tí ẹ wá wò. Ẹlòmíràn ti sanwó rẹ̀ lónìí. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló béèrè, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúró dè wá. Bí ẹ bá rí ibòmíràn tó wù yín, ẹ gbà á. A dúpẹ́ pé ẹ wá. Kí Olúwa fi yín sí ilé tí yóò tù yín lára."

Kíkí ló ṣáájú, nítorí èsì tí kò ní ìkíni dà bí ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ni lójú. Ṣùgbọ́n rárá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lórí ọ̀kadà má baà dá a dúró sí ìdajì kí ó sì rò pé ire ni. Ibi tí mo kọ pé kí wọ́n má dúró dè wá, aránṣọ yẹn ni mo kọ ọ́ fún. Àdúrà ìparí náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: bí ènìyàn bá ní "Olúwa yóò ṣe é," ẹni tó gbà á lè rò pé ọ̀dọ̀ wa gan-an ni Olúwa yóò ti ṣe é.

Àwọn ìdílé tó pọ̀ ju márùn-ún lọ, mo fi gbólóhùn kan kún tiwọn: "Omi ilé wa kò tó fún ju ènìyàn márùn-ún lọ nínú fúláàtì kan." Mi ò kọ pé ọmọ yín pọ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì lè jọra, ṣùgbọ́n ilé ni ìkínní ń sọ àléébù rẹ̀.

Bàbá àgbà kan wà nínú wọn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Irú wọn kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi Wásáàpù kọ̀ fún. Èmi àti ìyá mi lọ kí wọn nílé. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀: ilé náà wà lókè, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti dúró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gùn ún tán lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá, orúnkún mi ti sọ fún mi kí ẹ tó dé." Wọ́n wá béèrè bóyá ìsàlẹ̀ kankan yóò ṣófo. Báyìí ni ìwé kejì ṣe bẹ̀rẹ̀.

Márùn-ún nínú àwọn méjìlá náà ló bá ilé wa mu, tó jẹ́ pé ilé nìkan ni kò tó. Fún wọn, mo fi èyí kún èsì: "Bí ẹ bá fẹ́, a lè kọ orúkọ yín sínú ìwé fún ìgbà tí ilé mìíràn bá ṣófo. A kò mọ ìgbà tí yóò jẹ́, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí. A kò gba owó fún un. Ẹ dá wa lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó parí. Bí a kò bá gbọ́, a ó mọ̀ pé ẹ kò fẹ́." Gbogbo àwọn márààrún ló fẹ́. Nínú àwọn méje yòókù, ẹnì kan bú mi, àwọn mẹ́ta kò fèsì, ọmọkùnrin kan sì kọ̀wé pé ilé kẹsàn-án tí òun wò lóṣù náà nìyí, àwa nìkan ló dá òun lóhùn. Ọlọ́báàgì owó fi àwòrán ọwọ́ kan ránṣẹ́, àtàǹpàkò tó nà sókè. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ àti nọ́ńbà, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá, iye ènìyàn, irú ilé tí ó lè gbà, àti ìgbà tí ilé rẹ̀ báyìí yóò parí. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá ló ń pinnu ipò, kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, mo sì sọ ipò rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irú ilé ṣe pàtàkì jù bí mo ti rò lọ, nítorí bàbá olùkọ́ kò lè gba ti òkè, àwọn méjì kan kò sì lè san ju owó rúùmù àti pálọ̀ lọ. Bí ilé ìsàlẹ̀ bá ṣófo, bàbá lè jẹ́ ẹ̀kẹrin lórí ìwé kí wọ́n sì jẹ́ àkọ́kọ́ fún un. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ lóṣù, mo ń kọ̀wé sí wọn pé, "Ṣé ẹ ṣì ń wá?" Ẹni tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, mo fa igi sí orúkọ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti fà á. Ìwé tí a kò tún wò máa ń kú láìsí ẹni tó mọ̀. Ní oṣù kẹrin ẹni méjì ti rí ilé, wọn kò sì rántí sọ fún mi.

Ohun kan wà tí mi ò ronú sí. Ní oṣù karùn-ún, ayálégbé wa kan tó wà nísàlẹ̀ wá kan ìlẹ̀kùn ní alẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mọ̀mí, a gbọ́ pé ẹ ti ní ìwé àwọn tó fẹ́ wọ ilé wa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́." Ó ti gbọ́ ọ níbi tí ìyá oníbúrẹ́dì ti ń ta búrẹ́dì. Mo mú ìwé náà jáde, mo fi hàn án pé orúkọ fúláàtì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo rán an létí pé ayálégbé tó ń san owó ọdún ni, àti pé bí kò bá sí ohun mìíràn nínú agírímẹ́ǹtì, ìwé oṣù mẹ́fà ni òfin 2011 ní kí á fún un kí á tó sọ pé kó jáde.

Wọ́n lọ, ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò sùn bọ̀rọ̀ lóru yẹn. Nítorí òtítọ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ìwé ti sọ fún mi pé òun lè san ₦1,300,000 fún ìsàlẹ̀, ₦900,000 ni ọkùnrin yìí sì ń san. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ọkọ̀. Èrò bẹ́ẹ̀ kò ráyè wọlé sí mi lórí nígbà tí kò sí ìwé. Láti ọjọ́ náà, mo kọ òfin kan sí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀: ilé tí ayálégbé fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun ń fi sílẹ̀ nìkan ni a ó pe ẹnikẹ́ni sí, a kò sì ní béèrè iye tí ẹni tó ń dúró lè san ju èyí tí a dá lọ.

Ní oṣù kẹjọ, ẹnì kan lẹ́yìnkùlé kó lọ sí Ìkòròdú. Rúùmù àti pálọ̀ ni, ilé kan náà tí aránṣọ yẹn wá béèrè. Mo pe àwọn tó kù lórí ìwé tí ilé bẹ́ẹ̀ bá mu. Fóònù ẹni àkọ́kọ́ kò lọ láàárọ̀, kò lọ lálẹ́; mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo fún un ní ọjọ́ méjì. Ẹni kejì wá wò ó ní ọjọ́ kẹta, ó sanwó ní ọjọ́ kẹrin. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe ni. Ní ọjọ́ kẹfà ẹni àkọ́kọ́ pè, ó ní abúlé lòun wà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó dun òun, ó dun èmi náà. Mo ti sọ ọjọ́ méjì di márùn-ún láti ìgbà náà.

Kí n tó fi ilé náà sílẹ̀ fún ọ̀dọ́kùnrin yìí, mo wá nọ́ńbà aránṣọ lọ lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì. Orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé, mi ò sì lè fi í ṣáájú ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ sọ fún un ohun tí ó yẹ kí n ti sọ ní ọdún 2022. Ó gbé ìpè náà. Ó ti ń gbé ní Ọ̀kọ́ta báyìí, yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù iwájú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí mo fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá òtítọ́ ni pé a ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ láìgba owó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àbúrò òun obìnrin fẹ́ kúrò nílé ẹ̀gbọ́n wọn, rúùmù àti pálọ̀ ló lè san, òun nìkan ni. Mo béèrè orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀kẹta ni yóò jẹ́, pé kí ó má sì dúró dè wá.